Ẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́ àṣekágbá mi (láti 13 sí 27 oṣù Kẹfà)

Ẹ káàárọ̀ mà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá lórí wa. Èmi Mofólúwakẹ́ ni mo ń kọ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ lórí bí ohùn òkè ṣe máa ń wálẹ̀ nínú gbólóhùn Yorùbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà, ló yẹ kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ yín mà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi sún un sí ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kan náà. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣì kù, mi ò sì fẹ́ kó di alẹ́ ọjọ́ kejìlá kí n tó wá máa sáré bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà bó ṣe rí gan-an, títí kan apá tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi.

Ohun tó bà jẹ́ gan-an ni ìwọ̀n tí mo gbé orí kẹrin lé. Ẹ rántí pé ènìyàn mẹ́fà ni mo gba ohùn wọn sílẹ̀, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta. Olúkúlùkù ka gbólóhùn 40, ó sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, sílébù márùn-ún ló sì wà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èyí já sí sílébù 1,800 fún àwọn obìnrin, 1,800 fún àwọn ọkùnrin. Praat ni mo fi wọn bí ohùn ṣe ga tó ní àárín sílébù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 75 Hz ni mo fi Pitch floor sí fún gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń tún ojú-ìwé kan kà ní alẹ́ nígbà tí ojú mi bọ́ sórí gbólóhùn "Bísí ń sáré" láti ẹnu obìnrin kẹta. Ohùn òkè ni gbogbo sílébù rẹ̀ márààrún. Nínú àtẹ mi, sílébù àkọ́kọ́ jẹ́ 211 Hz, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ 93 Hz. Mo ti kọ ojú-ìwé mẹ́ta lórí ìwálẹ̀ ńlá yìí, mo sì ti ń pè é ní ohun tí mo ṣàwárí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi gbohùngbohùn etí sí i, mo sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Etí mi kò gbọ́ ìwálẹ̀ kankan tó tó bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́ bó ṣe ń parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "ré" yẹn ṣì wà lókè níbi tó yẹ kó wà. Mo gbé Pitch floor sókè sí 100 Hz, mo sì fi Pitch ceiling sí 500 Hz. Kíá, 93 di 186. Ètò kọ̀ǹpútà náà ti gé iye náà sí ìdajì pẹ́ẹ́: ó ka ìgbọ̀n méjì tán-án-ná mọ́ ẹyọ kan.

Àyà mi já. Mo fa sílébù 200 yọ láìṣa nínú ti àwọn obìnrin, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: 23 ló ṣì. Mo mú 100 nínú ti àwọn ọkùnrin, ẹyọ kan péré ló ṣì níbẹ̀, nítorí pé 75 Hz bá ohùn wọn mu. Bí ẹ bá wo ibi tí àwọn 23 yẹn wà, mà, ìparí gbólóhùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbéèrè mi dá lé. Àṣìṣe yìí kò fọ́n ká kí ìpíndọ́gba gbé e mì. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fa èsì mi sí. Ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ohùn òkè àwọn obìnrin ń já lulẹ̀ láìsí ohùn ìsàlẹ̀ kankan tó ṣíwájú rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni orí kẹrin mi máa pa.

Ẹ lè sọ pé kọ̀ǹpútà lè tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo sì ti ṣe é fún ohùn àwọn obìnrin pẹ̀lú ìlà yìí:

```
To Pitch: 0, 100, 500
```

Ó tún ọ̀pọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò tán níbẹ̀. Níbi tí gbólóhùn bá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí, àwọn obìnrin méjì nínú wọn máa ń jẹ́ kí ohùn ha, tán-án-ná wọn á máa gbọ̀n ní ségesège. Níbẹ̀, ètò náà á kọ `--undefined--`, tàbí kó mú nọ́ńbà kan wá tí kò bá ohun tí etí gbọ́ mu. Kò sí Pitch floor kan tó lè wo gbogbo ìyẹn sàn. Àfi kí n ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wo ìgbì ohùn náà, kí n gbọ́ ọ, kí n sì pinnu bóyá iye náà dúró, tàbí kí n yọ ọ́ kúrò kí n sì kọ ìdí tí mo fi yọ ọ́. Ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nǹkan bíi sílébù 60 ni mò ń rí ṣe ní wákàtí kan, nítorí náà 1,800 máa gbà mí ní wákàtí 30.

Apá tó nira fún mi láti kọ ló kù yìí. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi mà. Nígbà kejì tí mo wá bá yín ní oṣù Kẹta, ẹ sọ fún mi pé, "Tẹ́tí sí ohùn náà kí o tó gba nọ́ńbà gbọ́." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Nígbà tí mo padà délé, mo tẹ́tí sí mẹ́wàá péré nínú ti ọkùnrin àkọ́kọ́, gbogbo wọn dára, mo bá rò pé ìyókù náà á rí bẹ́ẹ̀. Ká ní mo gbọ́ mẹ́wàá nínú ti obìnrin kan ni, ǹ bá ti rí i láti oṣù Kẹta.

Bàbá mi tún ṣàìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la sì ń gba alẹ́ ṣe fún ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ, mi ò lè parọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ìlà kan. Ara bàbá ti le báyìí, wọ́n ti padà sílé, a dúpẹ́. Bí ẹ bá nílò ìwé láti ilé ìwòsàn, mo lè mú un wá.

Mi ò wá fẹ́ kí ẹ rò pé àìsàn bàbá mi ló jẹ gbogbo àkókò mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kẹrin, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Ìtúpalẹ̀ èsì ló ń dẹ́rù bà mí. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti wá béèrè lọ́wọ́ yín. Dípò kí n wá, mo ń tún orí kejì tó ti parí kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ni mò ń tọrọ padà lọ́wọ́ yín báyìí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú.

Bí mo ṣe ṣètò àkókò náà nìyí. Mo ní ìdánwò ní ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, n kò sì ní ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méjèèjì. Yàtọ̀ sí wọn, màá máa fi wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ yẹ àwọn sílébù náà wò, kí n lè parí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni màá tún àtẹ àti gráàfù ṣe, màá pa ojú-ìwé mẹ́ta yẹn rẹ́, màá sì tún orí kẹrin àti orí karùn-ún kọ. Mo fẹ́ kí orí kẹrin tuntun dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ ogún, kí ẹ lè rí i kí n tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Orí kìíní dé ìkẹta ti parí. Mo so wọ́n mọ́ ímeèlì yìí, pẹ̀lú àtẹ sílébù 200 tí mo yẹ̀ wò, kí ẹ lè fojú ara yín rí ohun tí mò ń sọ.

Bí òfin ẹ̀ka wa kò bá gbà kí ẹ sún ọjọ́ náà, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá. Ohùn àwọn ọkùnrin nìkan ni màá lò, màá sì kọ ọ́ sójú ewé kedere pé mo yọ ti àwọn obìnrin kúrò, àti ìdí rẹ̀. Yóò jẹ́ iṣẹ́ tó kéré, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ òtítọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ lè sún un ṣùgbọ́n máàkì kan gbọ́dọ̀ lọ sí i, mo fara mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ tèmi, mà, n kò fẹ́ yọ àwọn obìnrin náà kúrò. Ìyá àgbà ni ẹni kẹta yẹn. Ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà tí a dé ìgbà kẹta, mo ní ká dá a dúró, wọ́n ní rárá, wọ́n mu omi díẹ̀, wọ́n sì ka gbogbo 40 náà tán. Ohùn wọn ni mo sọ di 93. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà, kí n lè mọ ọ̀nà tí màá tọ̀ nínú méjèèjì. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín nígbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, àfi ọjọ́ ìdánwò méjèèjì.

Ẹ ṣeun púpọ̀ mà.

Ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́,
Mofólúwakẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà