Fáúṣà Ìwé Jọ́nà: Ìdínkù Iye Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé fún Oṣù Kẹsàn-án 2024

Nọ́mbà fáúṣà: JN-09/24-017
Ọjọ́ àkọsílẹ̀: 30 oṣù Kẹsàn-án 2024
Ohun ìní: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin, nọ́mbà 0046 nínú ìwé ohun ìní
Ọdún ìṣirò: 1 oṣù Kìíní sí 31 oṣù Kejìlá 2024
Láti ọwọ́: akọ̀wé ìṣirò, ẹ̀ka ohun ìní
Sí: ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó, fún àyẹ̀wò àti ìbuwọ́lù

Àkọsílẹ̀ kìn-ín-ní

Dẹ́bíìtì: Ìdínkù iye ẹ̀rọ, ìnáwó yàrá ìtẹ̀wé (àkáǹtì 5310): 116,666.67
Kírẹ́díìtì: Àkójọ ìdínkù iye, ẹ̀rọ (àkáǹtì 1519): 116,666.67

Èyí ni ìdínkù iye ẹ̀rọ 0046 fún oṣù Kẹsàn-án 2024, ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lórí iye tó ṣẹ́kù.

Àkọsílẹ̀ kejì

Dẹ́bíìtì: Ìdínkù iye ẹ̀rọ, ìnáwó yàrá ìtẹ̀wé (àkáǹtì 5310): 2,430.56
Kírẹ́díìtì: Àkójọ ìdínkù iye, ẹ̀rọ (àkáǹtì 1519): 2,430.56

Èyí ni àtúnṣe sí ìdínkù iye oṣù Kẹjọ 2024 lórí ẹ̀rọ kan náà, nítorí pé 114,236.11 ni a kọ sílẹ̀ dípò 116,666.67.

Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀

Iye tó wà lórí ìwé owó tí ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fi ránṣẹ́ jẹ́ 5,400,000, ó sì ti yọ ẹ̀dínwó 200,000 fún wa kí a tó san kọ́bọ̀ kankan fún un, nítorí náà 5,200,000 ni owó ẹ̀rọ gan-an. Lórí èyí ni mo fi owó ọkọ̀ tó gbé e wá, 180,000, owó àwọn tó gbé e kalẹ̀ tí wọ́n sì de iná mọ́ ọn, 140,000, àti owó ìdánwò, 80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,600,000, òun náà ló sì wà nínú lẹ́jà, lábẹ́ àkáǹtì 1510. Owó tí a ná láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìtẹ̀wé bí wọn yóò ṣe máa lò ó, 90,000, kò sí nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó sí níbẹ̀: Ìlànà Ìṣirò Owó Àgbáyé Nọ́mbà 16 sọ ọ́ ketekete pé owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ara iye ohun ìní, nítorí náà a ti kọ ọ́ sí ìnáwó oṣù Keje.

Ọjọ́ tí ìdínkù iye bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú fáìlì ẹ̀rọ yìí, mo sì fẹ́ kí ó hàn sí ẹni yòówù tó bá ṣí i lẹ́yìn wa ìdí tí mo fi mú ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n gbé e dé ní ọjọ́ 3 oṣù Keje. Ní ọjọ́ 12, lẹ́yìn tí ìdánwò parí, ọ̀gá yàrá ìtẹ̀wé buwọ́ lu ìwé ìgbàwọlé pé ó ti ṣe tán fún iṣẹ́. Ọjọ́ 22 ni wọ́n fi tẹ iṣẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́. Ìlànà tí mo dárúkọ lókè yìí kò wo ọjọ́ tí a sanwó tàbí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó. Ọjọ́ tí ohun ìní náà ti wà níbi tó yẹ kó wà, ní ipò tó lè fi ṣiṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á, ni ó ní kí a bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Keje nìyẹn. Ìlànà ilé iṣẹ́ wa sì ni pé ohun tó bá ṣe tán ní ọjọ́ 15 oṣù tàbí ṣáájú rẹ̀ yóò gba ìdínkù iye oṣù náà ní kíkún, èyí tó bá ṣe tán lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró di oṣù tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́fà, láti oṣù Keje dé oṣù Kejìlá, ni ẹ̀rọ yìí yóò fi gba ìdínkù iye lọ́dún yìí.

Ohun mìíràn tó jọ mọ́ èyí: ẹ̀rọ náà dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù Kẹsàn-án nígbà tí a ń retí rólà tuntun, ọ̀gá yàrá ìtẹ̀wé sì bi mí léèrè bóyá a kò ní yọ ọjọ́ mẹ́rin náà kúrò. Èsì mi ni pé a kò ní yọ ọ́. Dídúró ohun ìní kì í dá ìdínkù iye rẹ̀ dúró, yàtọ̀ sí ibi tí a bá ti ń fi iye iṣẹ́ tó ṣe wọn ìdínkù náà, a kò sì lo ọ̀nà yẹn fún ẹ̀rọ yìí.

Ìdá 25 àti ìṣirò oṣooṣù

A fojú dá a pé ọdún márùn-ún ni ẹ̀rọ náà yóò wúlò fún wa, àti pé nǹkan bí 1,330,000 ni a óò rí lórí rẹ̀ nígbà tí a bá tà á. Nínú ìlànà iye tó ṣẹ́kù, a kì í yọ iye tí a óò tà á nígbẹ̀yìn kúrò kí a tó ṣírò; inú ìdá náà gan-an ló ti wà. Bí a bá mú ìdá 25 kúrò lára 5,600,000 lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí a ń mú un lórí ìyókù nígbà kọ̀ọ̀kan, 1,328,906.25 ló máa ṣẹ́kù, ìyẹn sì sún mọ́ iye tí a fojú dá débi pé kò sí ìdí láti lo ìdá mìíràn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ 1,330,000 kúrò lára iye ẹ̀rọ, tó sì tún wá lo ìdá 25 lórí èyí tó kù, ti yọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdínkù iye ọdún yìí:

```
5,600,000 × 25% × 6/12 = 700,000
700,000 / 6 = 116,666.67
```

Mo fẹ́ kí a fojú sílẹ̀ dáadáa sí 6/12 yẹn. Odindi ìdá 25 lórí 5,600,000 jẹ́ 1,400,000, ti oṣù méjìlá sì ni. Bí a bá pín in sí oṣù mẹ́fà, oṣù kọ̀ọ̀kan yóò ru 233,333.33, ẹrù ìlọ́po méjì, tí oníbàárà tí a ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí yóò fi san owó oṣù mẹ́fà tí ẹ̀rọ náà kò tíì sí lọ́dọ̀ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ

Àkọsílẹ̀ oṣù Keje tọ̀nà: 116,666.67. Nígbà tí ti oṣù Kẹjọ jáde ní 114,236.11, n kò tètè rí i, nítorí pé iye tó ń dínkù díẹ̀díẹ̀ jọ ohun tí orúkọ ìlànà náà ń sọ. Ìgbà tí mo ń múra ti oṣù Kẹsàn-án sílẹ̀, tí ojú ìwé ìṣirò fún mi ní 111,856.19, ni mo tó tẹ orí àpótí náà láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí ni mo bá níbẹ̀:

```
=F9*25%/12
```

F9 ni iye tó ṣẹ́kù ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ojú ìwé náà ń mú ìdá 25 tí a pín sí méjìlá lórí ohun tó ṣẹ́kù ní oṣù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ iye tó ṣẹ́kù tí ìlànà wa ń tọ́ka sí ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣirò, tàbí iye ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ́dún tí a rà á. Iye yẹn kì í yẹ̀ láàárín ọdún. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ó sì ń dúró síbẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Nítorí náà oṣù gbogbo nínú ọdún kan gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Àṣìṣe náà kéré nínú oṣù kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó máa bá a lọ, oṣù mẹ́fà ọdún yìí yóò mú nǹkan bí 664,500 wá dípò 700,000. Ní odindi ọdún, ohun tí a pè ní ìdá 25 nínú ìwé ìlànà wa yóò di bí ìdá 22.3 nínú iṣẹ́. Kì í ṣe pé ìṣirò oṣooṣù lórí iye tó ń sọ̀ kalẹ̀ burú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ lo ìdá tó bá oṣù mu, tí í ṣe nǹkan bí 2.369 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe 25 tí a pín sí 12. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìgbìmọ̀ wa fọwọ́ sí kì í ṣe èyí, n kò sì ní àṣẹ láti yí i padà nínú ojú ìwé ìṣirò. Mo ti tún àpótí náà kọ báyìí, mo sì ti ti í pa:

```
=ROUND($F$4*25%/12,2)
```

F4 ni iye ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí yóò máa yí padà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí pé inú ọdún ìṣirò kan náà ni àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀ wà, tí a kò sì tíì gbé ìròyìn owó kankan jáde, a kò ṣí ìwé oṣù Kẹjọ padà, 2,430.56 wọ oṣù Kẹsàn-án. Ìnáwó ìdínkù iye tí yàrá ìtẹ̀wé yóò rí lóṣù yìí fún ẹ̀rọ náà jẹ́ 119,097.23, mo sì ti sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ ìdí tó fi ga.

Ipò lẹ́jà lẹ́yìn àkọsílẹ̀ méjèèjì

Iye ẹ̀rọ, àkáǹtì 1510: 5,600,000.00
Àkójọ ìdínkù iye, àkáǹtì 1519: 350,000.01
Iye tó ṣẹ́kù nínú ìwé ní 30 oṣù Kẹsàn-án: 5,249,999.99

Kọ́bọ̀ kan tó lé lórí 350,000 wá láti inú ìsúnmọ́ iye oṣooṣù, oṣù Kejìlá ni yóò sì tún un ṣe: 116,666.67 ni a óò kọ fún oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, 116,666.65 fún oṣù Kejìlá, kí àpapọ̀ ọdún lè jẹ́ 700,000 géérégé àti kí iye tó ṣẹ́kù lè jẹ́ 4,900,000.

Lórí 4,900,000 yìí ni ọdún 2025 yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ 1,225,000, oṣù kọ̀ọ̀kan yóò sì gba 102,083.33, tí oṣù Kejìlá yóò fi gba 102,083.37. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ẹni tó bá gbàgbé pé oṣù mẹ́fà péré ni a lò lọ́dún 2024 lè fi 4,200,000 bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé odindi ọdún ti kọjá. Kí a tó kọ ti oṣù Kìíní, a óò tún gbé ọdún márùn-ún àti 1,330,000 yẹn wò ní ìparí ọdún, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti sọ.

Mo so àwọn wọ̀nyí mọ́ fáúṣà yìí: ìwé owó ẹni tó ta ẹ̀rọ, ìwé ìgbàwọlé ọjọ́ 12 oṣù Keje, àti ojú ìwé ìṣirò ti àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú èyí tí mo tún ṣe. Ní àárọ̀ òní mo lọ sí yàrá ìtẹ̀wé, mo rí lébẹ́ẹ̀lì 0046 ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀rọ náà, lábẹ́ àwo tí nọ́mbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà. Nọ́mbà méjèèjì bá ti inú ìwé ohun ìní mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ sì buwọ́ lù ú, kí a lè ti ìwé oṣù Kẹsàn-án.

Akọ̀wé ìṣirò, ẹ̀ka ohun ìní
30 oṣù Kẹsàn-án 2024