Èsì sí Mọ́mì Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn

Ẹ kú ilé o Mọ́mì, mo kúnlẹ̀ kí yín mà. Mo gbọ́ fóìsì nóòtù yín, inú mi dùn gan-an pé ẹ̀ ń rò mí sí rere, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó ń bọ̀ láti Kánádà yẹn, tẹ́ ẹ ní ká jọ mọra, ẹ jọ̀ọ́ mà kì í ṣe pé mo kọ̀ sí yín lẹ́nu o, ẹnì kan ló ti wà tá a jọ ń fẹ́ra, mi ò sì fẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lásán. Ẹ má tíì fún wọn ní nọ́ńbà mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá ẹ̀ dáadáa. Tó bá tó àsìkò, ẹ̀yin náà lẹ máa bá mi bá Dádì sọ ọ́.