Àpèjúwe Àwòrán fún Ojú Àwo Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo mẹ́ta tí a gbà sílẹ̀ ní Kubwa ti parí, ojú wọn ló kù. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, 3000 × 3000 píkísẹ́lì. Lójú fóònù, wọn ò ní ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ohun tí kò bá ní hàn níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yà á.

“Aró Kan Náà”, sákárà. Èyí ló jẹ mí lógún jù. Ihò aró Kofar Mata ní Kánò ni, bí ẹni dúró lókè tó ń wo ìsàlẹ̀ gan-an. Ihò kan ṣoṣo, roboto bí ojú ìlù sákárà, kí ó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Aró inú rẹ̀ kí ó dúdú mìnìjọ̀, kí àwọ̀ búlúù máa yọ létí rẹ̀ nìkan. Gòjé kan sùn sẹ́bàá ihò, okùn irun ẹṣin rẹ̀ na gbọọrọ sókè lápá òsì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Òkè Ọya ni gòjé ti bá wa dé inú sákárà, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ gìtá níbẹ̀. Ọwọ́ arúgbó kan, tí aró ti mu dé ọrùn ọwọ́, kan okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ojú ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ọyẹ́, eruku, kò sí òjìji tó le. Orin tó rọra ń lọ ni. Gbogbo òkè kí ó jẹ́ ilẹ̀ lásán, aláwọ̀ erùpẹ̀: ibẹ̀ ni àkọlé máa wà, pẹ̀lú lẹ́tà búlúù kan náà. Ẹ má fi òkúta kékeré kankan síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

“Ẹ Dìde”, fújì. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ sí sààrì ni fújì ti jáde, nítorí náà, òru ni. Àdúgbò ní Nyanya. Orí, ọwọ́ àti ìlù kún ìsàlẹ̀ fọ́fọ́ láti etí dé etí. Òkè ṣókùnkùn, fèrèsé kan péré ló tanná, pupa rẹ́súrẹ́sú. Àkọlé pupa gàdàgbà láàárín fèrèsé àti orí èrò. Ẹ má ya oṣù tuntun sí i: kì í sí lójú ọ̀run lásìkò sààrì, àwọn àlùfáà á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀nà Kàdúná”, jùjú ìyìn. Àpáta Zuma lásìkò òjò, ewéko tútù yọ̀yọ̀, òpópónà ṣófo. Gbogbo ayé ti rí àpáta náà lẹ́yìn náírà 100, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó kéré, kí ó jìnnà, lọ́wọ́ òsì. Ojú ọ̀run funfun ló ni ìyókù. Àkọlé wà láàárín rẹ̀, tínínrín.

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya ti sákárà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà.