Ọ̀rọ̀ Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí Lọ́jọ́ Tí Ọ̀gá Àgbà Tuntun Fojú Kan Àwọn Òṣìṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngán yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí kọ̀mpútà àti fóònù láti àwọn ẹ̀ka, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ kú àìsùn. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé kí wọ́n ka wákàtí tí ẹ bá lò níbí mọ́ iṣẹ́ àfikún yín, nítorí náà, ẹ má wo aago.

Kì í ṣe orúkọ ọ̀gá tuntun ni ẹ wá gbọ́ lẹ́nu mi. Orúkọ wọn ti wà nínú lẹ́tà tí gbogbo yín gbà lọ́jọ́ Ajé, mo sì gbọ́ pé kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà ni àwọn kan ti lọ tú gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì nítorí wọn. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yàtọ̀. Ṣé wọn yóò dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé a fẹ́ ta ilé iṣẹ́ yìí ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni òde la gbà, nígbà tí ọmọ ilé wà? Màá fèsì sí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ẹni tó kí.

Ọ̀gá wa tó ń fẹ̀yìn tì ló jókòó níwájú yìí. Ọdún 11 ni wọ́n fi darí wa. Nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ náà, yàrá tútù kan ṣoṣo la ní tí a fi ń tọ́jú oògùn, bí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá kọṣẹ́, gbogbo wa á máa sá kiri. Lónìí, yàrá tútù wà ní gbogbo ẹ̀ka, jẹnẹrétọ̀ méjì méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ ìdágbére gba ọjọ́ ọlọ́jọ́, torí tiwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Màá ṣáà sọ eléyìí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n máa fi bá ẹni tó ń gba ipò wọn jókòó, kì í ṣe pé wọ́n kàn máa gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó kan ọmọ ilé báyìí. Òótọ́ ni pé olórí ẹ̀ka ìṣúnná owó wa du ipò yìí. Mo bi wọ́n léèrè bóyá kí n fo ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Alága, ta ni kò mọ̀?" Wọ́n kúnjú ìwọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé a fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn, irọ́ ni. Lójú ìgbìmọ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ yìí nílò ní báyìí ni ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú oògùn láti ilẹ̀ dé òkè, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wa pọ̀ sí. Olórí ìṣúnná owó wa kò lọ síbì kan. Àwọn ni igbákejì ọ̀gá àgbà láti òní lọ, àwọn náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pe ọ̀gá tuntun láti kí wọn káàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe mọ̀ pé ọ̀gá tuntun yìí la fẹ́.

Nígbà tí ó ku èèyàn mẹ́ta nínú àwọn tó du ipò náà, a ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn béèrè ìwé èyíkéyìí tó bá fẹ́ kà kó tó wá rí wa. Àwọn méjì béèrè ìṣirò èrè àti gbèsè. Ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún mi yìí béèrè ìyẹn náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan mìíràn kún un: ìwé tí a fi ń kọ ìwọ̀n òtútù yàrá tútù sílẹ̀, ti oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ará ilé ìkẹ́rùsí mọ ìwé yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni à ń kọ ọ́, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì.

Wọ́n ṣí ìwé náà níwájú wa, wọ́n fi ìka tọ ọjọ́ Àìkú kan. Àárọ̀ 4, ìrọ̀lẹ́ 4. Wọ́n ṣí Àìkú tó tẹ̀ lé e. 4 àti 4. Òmíràn, 4 àti 4. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣirò náà ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ kó rí, 3, 5, 4, 6, nítorí pé ilẹ̀kùn ń ṣí, ẹrù ń wọlé. Àìkú nìkan ni kò mira. Bírò kan náà ló sì kọ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, ó hàn gbangba.

Kálukú wa nínú ìgbìmọ̀ ti ń wojú ara wa. Mo ti ń dúró de ìbéèrè tí mo rò pé ó kàn, ìyẹn ni "Ta ló kọ ọ́?" Wọn ò bi wá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Báwo ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú ṣe ń dé ibí?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. A lọ wádìí, a sì rí i pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá wá láàárọ̀, tó tún lọ sílé, owó ọkọ̀ ara rẹ̀ ló máa fi padà wá ní ìrọ̀lẹ́ láti wá ka ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú kan péré. Bọ́ọ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá tún kọ ohun tí kò kà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti ìbáwí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Olórí ilé ìkẹ́rùsí wa, tí kì í gbà fún èèyàn kíákíá, náà dán wọn wò. Ó ní, "Bí awakọ̀ bá gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì padà wá, tí a sì ń fura pé ó ti dì, ẹ máa ṣe é báwo?" Wọ́n ní kí a mú ìgò kan láti inú èyí tí wọ́n ṣe pọ̀ mọ́ ọn, kí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì gbagidi mọ́jú, kí a wá jẹ́ kó yọ́. Kí a mi òun àti ìgò tí à ń fura sí papọ̀, kí a gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a máa wò wọ́n. Èyí tó dì yóò dà wóróworo, yóò sì yára silẹ̀. Bí èyí tí à ń fura sí bá yára silẹ̀ bíi tirẹ̀, ó ti bàjẹ́, kó má dé ara ọmọ ẹnikẹ́ni. Olórí ilé ìkẹ́rùsí wa kàn mirí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn.

Ní ti ìtàn iṣẹ́ ọ̀gá tuntun, apòògùn ni wọ́n. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó yàrá oògùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ iṣẹ́ pípín oògùn káàkiri, wọ́n ṣe ọ̀gá iṣẹ́ òru, kí wọ́n tó di ẹni tó ń darí gbogbo ẹ̀ka ìkẹ́rùsí àti ìrìnnà níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ọdún 22. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ náà ń ta ohun tí à ń tà, nítorí náà, ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìtajà, ẹ má wá bi wọ́n léèrè àwọn oníbàárà ibẹ̀ tàbí iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé lórí ìyẹn, a ò sì fẹ́ kí wọ́n yẹ àdéhùn wọn.

Ó yá, ìbéèrè yín. A kò ta ilé iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí à ń bá dúnàádúrà. Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí ìwé kankan pé kí a dín òṣìṣẹ́ kù, ọ̀gá tuntun kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. N ò ní búra fún yín pé kò sí ohun tó máa yí padà, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń tàn yín jẹ ni. Owó oṣù yín, ìsinmi yín, ẹni tí ẹ ń jábọ̀ fún, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá máa yí, lẹ́nu ọ̀gá àgbà fúnra wọn ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe lórí Wọ́sáàpù.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó kàn èmi àti ẹ̀yin. Ìgbìmọ̀ ló ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ ń lọ, òun ló ń fọwọ́ sí ìṣirò owó ọdọọdún. Bí a ṣe máa dé ibẹ̀, ẹni tí a máa gbà, ẹni tí a máa gbé ga, ọwọ́ ọ̀gá àgbà nìyẹn wà. Àwọn kan nínú yín ní nọ́ńbà mi. Mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè mí lórí ìgbéga tàbí ìyípadà ibi iṣẹ́, màá ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ jìbìtì, tàbí tó jẹ́ pé ọ̀gá àgbà gan-an ni ẹ̀sùn náà kàn, àpótí ẹ̀sùn wà ní gbogbo ẹ̀ka, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Láti ọ̀la ni ọ̀gá tuntun máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀ka ká, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ bá ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ògiri, ẹ má ra òdòdó. Wọ́n ní kí ẹ kàn gbé ìwé yàrá tútù sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó lè sọ òtítọ́ ọ̀nà fún wọn.

Wọ́n ní kí n má to oyè mọ́ orúkọ wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa sọ ohun tí ẹ máa pe àwọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò lọ káàkiri, ìbéèrè àwọn tó wà ní ẹ̀ka la ó sì kọ́kọ́ gbà, kí ti gbọ̀ngán tó kàn.

Ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ máa bọ̀ níwájú, àwọn èèyàn yín ń retí yín.