Ọ̀rọ̀ fídíò bóòhóòlù àdúgbò wa n'Íṣẹ́yìn (sẹ́kọ́ńdì 60)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀yin bàbá àtẹ̀yin màmá wa. Ọ̀rọ̀ tí a máa kà sínú fídíò náà rèé, mo ti kọ àwòrán tó máa wà lójú ẹ sókè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí bùrọ̀dá tó ń ya fídíò lè máa wò ó lórí fóònù bó ṣe ń yà á lọ. Màmá wa olókà ló máa kà á, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́nikẹ́ni má tún sọ pé ká lọ háyà àwọn tó ń ka ìròyìn ní rédíò, torí màmá yìí ni ọ̀rọ̀ omi ń dùn jù nínú gbogbo wa, ẹni tó ń rokà tà ò lè sọ pé òun á ṣọ́ omi lò lónìí, omi tí wọ́n á fi rokà, omi ọbẹ̀, omi tí oníbàárà á fi fọwọ́, omi àwo, gbogbo ẹ̀ dà?

Ọ̀RỌ̀ TÍ MÀMÁ MÁA KÀ

Sẹ́kọ́ńdì 0 sí 9. (Àwòrán: òkùnkùn ìdájí, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, ọwọ́ màmá tó ń fi tiwọn kún un. Kò sí orin, ariwo kẹ́ẹ̀gì nìkan.)

"Tí ọyẹ́ bá ti dé n'Íṣẹ́yìn níbí, kànga àdúgbò wa á gbẹ. Èmi tí mò ń rokà tà, aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń to kẹ́ẹ̀gì."

Sẹ́kọ́ńdì 9 sí 20. (Àwòrán: ọmọ ilé ìwé méjì ń ru omi bọ̀ láti ẹ̀yìn, a ò ya ojú wọn. Lẹ́yìn náà bárò tó kún fún kẹ́ẹ̀gì.)

"Kẹ́ẹ̀gì kan, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Orí ọmọ ló máa ń wà. Ọmọ á pọn mẹ́ta kó tó lọ sílé ìwé, bó bá débẹ̀, wọ́n ti pe orúkọ tán."

Sẹ́kọ́ńdì 20 sí 31. (Àwòrán: pẹ́ẹ̀gì pupa tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó yí i ká, kámẹ́rà gòkè díẹ̀díẹ̀ sí ojú wọn.)

"Omi wà nílẹ̀ wa o! A ti sanwó sọ́fè, wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ àpáta wò, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kàn síbi tí a máa gbẹ́ nìyí."

Sẹ́kọ́ńdì 31 sí 42. (Àwòrán: ìwé tí a fi ń kọ owó tí àwọn èèyàn dá, wọ́n ń ṣí i lójú kan lẹ́yìn òmíràn. Kọ ₦6,500,000, ₦2,500,000 àti ₦4,000,000 sójú fídíò bí màmá bá ṣe ń pè é.)

"Mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ náírà ni gbogbo iṣẹ́ yẹn. Àwa tí à ń gbé ibí ti dá mílíọ̀nù méjì àbọ̀ fúnra wa. Mílíọ̀nù mẹ́rin ló kù."

Sẹ́kọ́ńdì 42 sí 53. (Àwòrán: màmá jókòó sídìí ìkòkò, wọ́n ń wo kámẹ́rà lójú.)

"Omi tí a bá gbẹ́ yìí, a ò ní jẹ́ kó bàjẹ́ síbẹ̀. Ogún náírà la máa gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan, báǹkì ló ń lọ tààrà, owó àtúnṣe ni."

Sẹ́kọ́ńdì 53 sí 60. (Àwòrán: káàdì àkáǹtì àdúgbò, lẹ́tà ńlá, kó dúró títí fídíò á fi parí.)

"Ẹ bá wa parí ẹ̀. Àkáǹtì wa ló wà lójú fídíò yẹn. Ẹ ṣé o, ẹ ò ní ṣe aláìní."

Ó parí níbẹ̀. Màmá, ẹ má sáré kà á, ẹ kàn bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dé "omi wà nílẹ̀ wa o", ẹ gbé ohùn sókè, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, àwọn tó máa wo fídíò yìí ti rí fídíò ẹ̀bẹ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n ti mọ̀ pé ìyà ń jẹ èèyàn, ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé àwa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ká tó pè wọ́n. Tí ẹ bá dé ibi owó, ẹ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn iye kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Mo ti yọ "omi ò lọ́tàá" tó wà níbẹ̀rẹ̀ kúrò, òwe tó dáa ni, àmọ́ ó ń jẹ wá ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin, fídíò omi tí ò sì fi bẹ̀rẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Bùrọ̀dá, ọ̀rọ̀ tèmi sí yín rèé. Ẹ má ya ọmọ kankan níbi tó ti ń mu omi ìdọ̀tí. Mo mọ̀ pé irú àwòrán yẹn máa ń jẹ́ káwọn èèyàn tètè fowó sílẹ̀, àmọ́ ọmọ wa ni, ọ̀la ó máa dàgbà, ojú ẹ̀ á ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Àwọn méjì tó máa ru kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá wọn, ẹ sì jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì yẹn má kún, a ò fẹ́ fi fídíò dá wọn lọ́rùn. Ẹlòmíì ti ní ká gbé dáàmù Ìkẹ́rẹ́ sínú ẹ̀, pé dáàmù wà nítòsí omi ò sì dé ẹnu ẹ̀rọ wa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ tí a bá dárúkọ dáàmù pẹ́nrẹ́n, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò yẹn jà nípa ìjọba, kò sẹ́ni tó máa rántí àkáǹtì mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Ọ̀RỌ̀ TÓ MÁA WÀ LÁBẸ́ FÍDÍÒ

Sẹ́kọ́ńdì 60 ò lè gba gbogbo ẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù sì máa béèrè iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ bá mi fi èyí sí abẹ́ ẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n kàn ń lu ihò sí, àpáta ló wà lábẹ́ ẹ̀, inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta yẹn àti inú ibi tí àpáta bá ti sán ni omi máa ń sá pamọ́ sí, tó o bá gbẹ́ síbi tí kò sán, o lè dé ọgọ́rin mítà kó o má rí nǹkan kan, owó á sì ti lọ. Ìdí tá a fi ṣe sọ́fè ká tó ṣe ohunkóhun nìyẹn, ₦150,000 la san fún un, wọ́n sì kan pẹ́ẹ̀gì síbi tó jìnnà sí ṣáláńgá tó súnmọ́ ọn jù lọ ju ọgbọ̀n mítà lọ, kí ìdọ̀tí má baà bá ilẹ̀ wọ inú omi. Kíkó ríìgì wá, gbígbẹ́ àti késìn tí wọ́n máa kì sínú ihò, ₦2,400,000. Súmò, fífọ ihò títí omi á fi mọ́ àti fífà á wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí ká lè mọ̀ bóyá omi á tó, ₦850,000. Sólà, ₦1,350,000. Táǹkì méjì pẹ̀lú irin tí wọ́n máa gbé e lé, ₦1,150,000. Ẹ̀rọ tí a ó ti máa pọn omi, ilẹ̀ tí a máa fi sìmẹ́ǹtì sí, àti gọ́tà tí omi tó bá dànù máa gbà lọ, ₦500,000. Gbígbé omi lọ sí láàbù kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, ₦100,000. Ẹ rò ó pọ̀, ₦6,500,000 ni.

Nínú ₦2,500,000 tí a ti dá, a ti yọ owó sọ́fè, ₦2,350,000 ló wà ní báǹkì. Ẹ ó rí i pé ₦50,000 péré ló kù kí owó gbígbẹ́ pé. Síbẹ̀ a ò tíì pe ríìgì. Gbogbo wa la ti rí ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí owó súmò ò dé mọ́, tí àwọn ọmọdé ń ju òkúta sí nígbà tó yá, a ò fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀. Tí owó gbígbẹ́ àti owó súmò bá ti pé pọ̀, ríìgì á wọlé. Sólà la yàn dípò jẹnẹrétọ̀, torí owó epo bẹntiróò ló máa ń pa ọ̀pọ̀ bóòhóòlù: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo ayé ń dáwó epo, tó bá pẹ́ díẹ̀ kálukú á máa wo ojú ara wọn.

Ogún náírà tí màmá sọ yẹn, èèyàn mẹ́ta ló máa ń fọwọ́ sí i kó tó ṣeé gbà jáde ní báǹkì, obìnrin méjì, ọkùnrin kan, gbogbo ìparí oṣù la ó sì máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara táǹkì níbi tí tọmọdé tàgbà ti lè kà á. Arúgbó tí kò lẹ́nìkan, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀.

Àwọn àgbà wa ṣì rántí sòbìyà, tó máa ń bá omi adágún wọnú èèyàn, tó sì máa ń gba ẹsẹ̀ jáde pẹ̀lú ìrora. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, omi tó mọ́ sì wà lára ohun tó lé e lọ. Táífọ́ọ̀dù àti kọ́lẹ́rà ò tíì lọ. ₦1,000 náà ò kéré lójú wa, orúkọ yín á wọ ìwé, ẹni tí ò bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun kó sọ fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí ohun tí kò bá òótọ́ mu nínú iye owó yẹn kó tètè sọ lálẹ́ òní, torí tí fídíò bá ti jáde, a ò lè pè é padà. Òwúrọ̀ Sátidé la máa yà á, àwòrán ìdájí yẹn la máa kọ́kọ́ yà, nítorí náà aago mẹ́rin àbọ̀ ká ti wà lẹ́bàá kànga, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lágbègbè yẹn kí wọ́n pa á fún wa fún ìdajì wákàtí, ohùn màmá gbọ́dọ̀ já geere.