Àkíyèsí lórí ojú ìwé kẹrin kí ìwé ìròyìn wa tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti ka ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ tán. Ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ojú ìwé kẹrin ni mo bẹ̀ yín kí ẹ tún tò.

Kọ́lọ́ọ̀mù òsì kún dé ìsàlẹ̀, ó gba ìlà 52, ṣùgbọ́n ìlà 18 péré ni ó wà ní ọ̀tún, tí ìyókù sì ṣófo bí ẹni pé a gbàgbé ìròyìn kan. Èyí tí ó dùn mí jù ni àkọlé “Ètò Ìpàdé Ọdọọdún”, tí ó dá dúró ní ìsàlẹ̀ òsì nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè ọ̀tún. Òǹkàwé tí ó bá wo òkè ọ̀tún láti wá ọjọ́ ìpàdé kò ní mọ ìpàdé tí à ń sọ, bẹ́ẹ̀ ìròyìn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń retí.

Nígbà tí mo tẹ Ctrl+Shift+8 nínú Word kí àwọn àmì tí ó fara pamọ́ lè hàn, mo rí ìpínrọ̀ òfìfo kan láàárín àkọlé yẹn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Keep with next” wà lára àkọlé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e gan-an ni ó ń dì mọ́, òfìfo yẹn ni ó sì bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi 6 pt sí ìsàlẹ̀ “Heading 2” dípò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi Enter ti àkọlé náà lọ sí ọ̀tún, nítorí pé gbólóhùn kan tí a bá yọ lókè yóò tún tú gbogbo rẹ̀ ká.

Ní ti àìdọ́gba náà, Word a máa kún kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tán kí ó tó bọ́ sí èkejì, àfi bí a bá fi ààlà sí òpin ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn àmì ìdánudúró tí ó kẹ́yìn, ẹ lọ sí Layout, lẹ́yìn náà Breaks, kí ẹ sì yan “Continuous”. Ìlà bíi 35 ni yóò wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan bá fi ìlà kan tàbí méjì ju èkejì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí a fẹ àlàfo àárín ìlà, tí ìlà òsì àti ti ọ̀tún kò fi ní ṣe déédéé mọ́.

Àyè yóò ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ẹ sọ ibẹ̀ di kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, kí ẹ sì dá àwòrán ìpàdé èṣí tí a yọ kúrò padà síbẹ̀.

Ojú ìwé kẹrin nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní PDF.

Èmi ni tiyín,
Olóòtú