Fọwọ́ Gbá A, Má Họ Ọ́

Kókó mẹ́ta péré ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn etí Àríkẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo ń di irun rẹ̀. Mo ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó ṣú, ó ti bo ikùn, ó ti bo ẹ̀yìn, ó ti wọ inú irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Omi wà nínú kókó kọ̀ọ̀kan, ó ń dán bí ìrì orí ewé kókò.

Mo pe ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ohùn wọn ń wálẹ̀. "Má pariwo ẹ̀, ọmọ mi. Olóde ni. Bò ó dáadáa, kó lè jáde tán." Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣọ̀pọ̀ná ló pa ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, títí di òní wọn kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Mo bò ó. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, nínú oṣù kejì n'Ìbàdàn, tí iná ò sí. Àríkẹ́ ò sùn. "Mọ́mì, ó ń yún mi. Mọ́mì, ó ń yún mi." Mo ní kó má họ ọ́. Mo tún un sọ títí ó fi sú mi. Ní aago méjì òru, nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí, mo gbá a lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún. Kò ké. Ó kàn ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó ń wò mí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú tó fi wò mí yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ló bọ́ súwẹ́tà náà kó tó béèrè ohunkóhun. "Ìyá Àríkẹ́, ẹ̀ ń sè é ni. Ooru àti òógùn ń dá kún yíyún yẹn." Ó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ṣọ̀pọ̀ná, ti ọ̀hún, láti ọdún 1980 ni wọ́n ti kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ó ní parasítámọ́ọ̀ ni kí n fi pa ibà, kí n má fún un ní asipirínì rárá, kó sì jókòó sílé títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sé èépá. Mo wá béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?

"Ẹ gé èékánná ẹ̀. Kí ẹ sì wá iṣẹ́ mìíràn fún ọwọ́ náà."

Mo gé e mọ́lẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ ní búbá òwú tó fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n fi ọ́ọ̀tì wẹ̀ ẹ́, mo bá gún ife kan kúnná, mo dì í sínú asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ ògì, mo rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ń fún un, ó ń funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Àríkẹ́ jókòó sínú báàfù, ó ń wò ó. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ fi mí po ògì ni?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe "ó ń yún mi" láti ọjọ́ méjì nìyẹn. Mo fi aṣọ rọra tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, mi ò nù ún. Mo fi òwú kan kálámáìnì sórí kókó kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kun ti ikùn fúnra òun. Mo gbé òwú lé e lọ́wọ́. Ó kùn ún, ó ń yọ ahọ́n síta bí ẹni tó ń yàwòrán.

Òru ló le jù, torí kò sí ohun tí ọmọ ń ṣe lóru ju kó máa gbọ́ ara rẹ̀ lọ. Mo mú abẹ̀bẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbéra, màá na àtẹ́lẹwọ́ mi, màá rọra gbá ibẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Òun náà á gbá tirẹ̀, á máa kà á. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ka ogún lọ́nà mẹ́rin kó tó sùn. Lálẹ́ kẹta, kò dé ẹ̀wá.

Ó sé èépá, èépá sì bọ́. Àpá kan ṣoṣo ló kù, níbi tó ti ṣẹ̀jẹ̀ lóru Sọ́ńdè yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tirẹ̀ ni Dàmọ́lá, àbúrò rẹ̀, jí pẹ̀lú kókó méjì lẹ́nu ìdodo. Mo sáré lọ gbé omi kaná. Nígbà tí mo padà dé, Àríkẹ́ ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti gbé abẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún un.

"Má họ ọ́. Báyìí ni. Ó yá, kà á: ení..."